Owó Ìgbọ́bùkátà Kì Í Ṣe Owó Oṣù

Sí ọ̀gá ẹ̀ka tó ń sanwó ní yunifásítì wa, Ìlú Ọba,

Mo rí i pé ẹ ti ń yọ owó-orí nínú owó ìgbọ́bùkátà mi. Òfin owó-orí ti ọdún 2005, abala 776, yọ owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ẹni tó ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ kàwé sílẹ̀. Wọ́n ń fún mi kí n lè jẹun, kí n sì sanwó ilé bí mo ti ń ṣèwádìí. N kò ta iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Ti kíláàsì tí mo ń kọ́ yàtọ̀. Iṣẹ́ nìyẹn, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò yìí: ìgbọ́bùkátà jẹ́ 1,500 pọ́n-ùn lóṣù, ti kíláàsì jẹ́ 200. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ó di 20,400 lọ́dún. Ẹ yọ 12,570 tí òfin fi sílẹ̀ fún olúkúlùkù, kí ẹ gba ìdá 20 nínú 100 ìyókù: 1,566 pọ́n-ùn. Owó kíláàsì nìkan, 2,400, kò tilẹ̀ dé ibi tí owó-orí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ìgbọ́bùkátà náà kúrò nínú ìwé owó òṣìṣẹ́, kí ẹ sì dá èyí tí ẹ ti gbà padà.

Èmi ni tiyín,
Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́