Ìpínrọ̀ Kẹfà Ni Mo Fi Ọ̀rọ̀ Pàtàkì Sí

 

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré kan ní Atlanta níbí. Lọ́dún 2025 a fẹ́ ṣe ayẹyẹ àwọn ọmọ wa, kí wọ́n wá sọ Yorùbá, kí wọ́n jó, kí wọ́n jẹun. Stone Mountain la kọ́kọ́ gba gbọ̀ngàn sí. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn yẹn bàjẹ́, a sì rí òmíràn ní Marietta. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ ímeèlì. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe máa ń kọ lẹ́tà: mo kí wọn kú òtútù tó kọjá, mo kí wọn kú ooru tó ń bọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dáwó, mo ròyìn owó tó wà nílẹ̀. Ìpínrọ̀ mẹ́sàn-án ni. Ìpínrọ̀ kẹfà ni mo ti wá sọ pé a ti kúrò ní Stone Mountain.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, Ìyá Ìbejì gbé kúlà ìrẹsì méjì lọ sí Stone Mountain. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Láti ibẹ̀ dé Marietta, nǹkan bí 30 máìlì ni, bẹ́ẹ̀ ọmọ àbúrò wọn tó wà wọ́n wá ti lọ síbi iṣẹ́. Rélùwéè MARTA kò dé Marietta. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Akọ̀wé, kí ni mo ṣe fún ọ?" Ẹnu mi wọhò.

Ṣé wọn ò ka lẹ́tà mi ni? Wọ́n kà á. Wọ́n fi fóònù wọn hàn mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ohun tó jẹ́ ìlà mẹ́fà lórí kọ̀ǹpútà tèmi ti di bí ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí fóònù wọn, nítorí nǹkan bí lẹ́tà 40 péré ni ìlà kan lórí rẹ̀ ń gbà. Ìkíni mi nìkan ti kún ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, àsìkò ìsinmi kékeré láàárín iṣẹ́ wákàtí 12 ni wọ́n fi yọjú sí i. Wọ́n rí "ẹ kú òtútù", wọ́n ní àwọn á kà á tó bá yá. Ta ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ má sì sọ pé kí wọ́n kà á nínú mọ́tò o. Láti ọjọ́ 1 oṣù Júláì 2018 ni òfin Georgia ti ní kí awakọ̀ má fọwọ́ mú fóònù, kó má sì ka irú iṣẹ́ báyẹn, kódà bí iná bá pupa tó dúró.

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí lẹ́tà, nǹkan méjì ló ti rí: àkọlé tí a kọ síbi tí wọ́n pè ní Subject, àti ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Fóònù kì í fi gbogbo àkọlé hàn. Nǹkan bí lẹ́tà 35 sí 40 ló máa ń yọ, ó kù sọ́wọ́ irú fóònù. Àkọlé tèmi ni "Lẹ́tà láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́". Àbí ẹ rí i? Kò sọ nǹkan kan. Orúkọ mi ti wà lókè tẹ́lẹ̀, wọ́n ti mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́.

Mo wá jókòó tún un kọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo ka lẹ́tà náà, mo ń bi ara mi léèrè pé: bí ẹni kan bá ka ìlà mẹ́ta péré, èwo ni tí kò bá rí i, yóò kó sí wàhálà? Gbọ̀ngàn, ọjọ́, aago, àti ohun tí a fẹ́ kó ṣe. Mo gbé wọn lọ sókè. Ìròyìn owó lọ sísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ òtútù àti ooru, mo yọ ọ́ pátápátá. Ó wá rí báyìí:

Àkọlé: Gbọ̀ngàn yí padà: Marietta, Sátidé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. A ti kúrò ní Stone Mountain. Marietta ni ayẹyẹ àwọn ọmọ, Sátidé, ọjọ́ 7 oṣù Júùnù, aago 2 ọ̀sán.

Àdírẹ́sì: (nọ́ńbà ilé, òpópónà, ìlú àti sípù kóòdù, lórí ìlà kan)

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ kò bá ní mọ́tò, ẹ pè mí kó tó di Ọjọ́bọ̀ kí a wá ẹni tó máa gbé yín.

Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ, ìpínrọ̀ kan. Owó, ìpínrọ̀ kan. Kò sí èyí tó ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, mo sì fi ìlà òfìfo sáàárín wọn. Àdírẹ́sì tó pé, tí a tẹ̀ bí ọ̀rọ̀, fóònù lè ṣí máàpù sí i bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tó wà nínú fọ́tò ìwé ìpè, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní ṣeé tẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú àgbàlagbà kì í sì í tètè rí i.

Ẹ wo ọjọ́ náà dáadáa. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, "7/6" ni mo kọ, bí a ṣe kọ́ wa nílé. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí kà á sí ọjọ́ 6 oṣù Júláì! Ẹ fi ẹnu pe orúkọ oṣù, ẹ fi orúkọ ọjọ́ kún un. Ọjọ́ 6 oṣù Júláì ọdún náà, Sọ́ńdè ni. Ká ní mo kọ Sátidé, wọn ì bá ti fura.

Ohun mìíràn tún wà tó ń fa ìjọ̀gbọ̀n. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà nínú Word tí ẹ wá kó o sínú Gmail, àwọn àmì tí a ò fojú rí lè bá a wọlé, kí lẹ́tà náà wúwo. Tó bá ti ju nǹkan bíi 102 kilobáìtì lọ, Gmail á gé e, á kọ "[Message clipped]" sísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í tẹ "View entire message". Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, Ctrl+Shift+V ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ nìkan ló máa wọlé.

Tó bá sì jẹ́ àtúnṣe lẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ má kọ ọ́ sábẹ́ lẹ́tà àtijọ́. Abẹ́ àkọlé àtijọ́ ló máa wà, wọ́n á rò pé àwọn ti kà á. Lẹ́tà tuntun, àkọlé tuntun.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa bínú sí èyí o. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, o kàn já lù wá bí ọlọ́pàá. Ibo ni ìkíni wà?" Mi ò jiyàn, nítorí pé òótọ́ ni, ọmọ Yorùbá kì í wọlé àgbà láìkí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà ni fóònù ń fi hàn lábẹ́ àkọlé. Bí ìkíni bá gbà gbogbo rẹ̀, gbọ̀ngàn ò ní yọ. A wá fẹnu kò: ìkíni kúkúrú kan lókè, ìkíni gígùn, oríkì àti àdúrà nísàlẹ̀, níbi tí ẹni tó ráyè á ti jókòó gbádùn rẹ̀. Bàbá gan-an ló ń kọ ti ìsàlẹ̀ yẹn báyìí.

Kí n tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, mo máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ara mi, màá ṣí i lórí fóònù, màá gbé e fún ọmọ mi obìnrin, màá ka ení dé ẹ̀wá, màá sì gbà á padà. Ọjọ́ wo ni? Níbo? Kí ni wọ́n ní ká ṣe? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dáhùn méjì, ó gbàgbé àsìkò. Mo wò ó, òun kọ́ ló jẹ̀bi: mo ti fi aago sí ìpínrọ̀ kẹta. Mo gbé e sókè, mo tó tẹ Send.