Ìwé tí Onímọ̀ Oúnjẹ Kọ sí Ilé Ìdáná

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí fún yín. Àbúrò ìyá mi, ẹni ọdún 76, wà ní ọsibítù kan nítorí òtútù àyà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé àmàlà ìgbákọ méjì síwájú rẹ̀. Ìyá á wò ó, á fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì, á sì kọ ojú sí ògiri. Ó ní, "Ọmọ mi, ojú mi ti yó." Abọ́ náà á padà sí ilé ìdáná, tòun ti ẹja inú rẹ̀.

Onímọ̀ oúnjẹ kan wà ní ọsibítù náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tó yẹ kí aláìsàn jẹ, àti iye tó yẹ kó jẹ. Ó rí i pé abọ́ àwọn arúgbó mìíràn náà ń padà bẹ́ẹ̀. Ó wá kọ ìwé yìí sí olórí alásè:

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ Ajé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín oúnjẹ àwọn arúgbó kù. Àmàlà, ẹ̀bà àti iyán, ìgbákọ kan dípò méjì. Ìrẹsì, ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà, iye tí ẹ ń bù tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ máa bù. Ẹ yọ eegun ẹja, kí ẹ sì fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Ẹ fi ìpápánu méjì kún un, ọ̀kan ní agogo 10 àárọ̀, ọ̀kan ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹ po mílíìkì sí ògì wọn. Ẹni tí dókítà bá ti kọ oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà."

Ìwé náà kò gùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan, ó sì tì í bọ àpò. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ìdajì ni wọ́n ń bu gbogbo nǹkan. Àmàlà di ìdajì, ẹja di ìdajì, ẹyin náà di ìdajì. Ìpápánu kò tilẹ̀ dé. Ìyá wa ń jẹ abọ́ rẹ̀ tán, inú àwa ẹbí sì ń dùn. A ò mọ̀ pé ebi ló ń pa á. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé e sórí ìwọ̀n, kílò 50 ti di 49.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí onímọ̀ oúnjẹ fi dín àmàlà kù, tí kò sì dín ẹja kù.

Ikùn arúgbó tètè ń kún, oúnjẹ kì í sì í tètè kúrò níbẹ̀ bíi ti ọ̀dọ́. Imú rẹ̀ kì í gbọ́ òórùn ọbẹ̀ dáadáa mọ́. Oògùn mìíràn sì máa ń ba ìtọ́wò ẹnu jẹ́. Bí òkìtì oúnjẹ bá wà níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, àárẹ̀ á ti mú un kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ díẹ̀, àmàlà ló máa kọ́kọ́ jẹ. Omi ló pọ̀ jù nínú àmàlà tí a ti rò. Ikùn á kún, ẹja á sì kù sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ẹja yẹn gan-an ni ara rẹ̀ ń wá. Ohun kan wà nínú ẹja, ẹran, ẹyin, mílíìkì àti ẹ̀wà tí a ń pè ní puróténì. Òun ni ara fi ń tún ẹran ara ṣe. Ẹran ara arúgbó tó dùbúlẹ̀ máa ń yára dín. Ní ọdún 2007, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ní kí àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10. Nǹkan bíi kílò kan ló dín nínú ẹran ẹsẹ̀ wọn. Àwọn yẹn kò sì ṣàìsàn o!

Arúgbó nílò puróténì tó tó gíráàmù 1, ó kéré tán, fún kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀ lójúmọ́. Bí ó bá ń ṣàìsàn, ó sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá wa tó wọn kílò 50 nílò gíráàmù 50 sí 60. Ẹyin adìyẹ kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Nítorí náà, ohun tí ìyá nílò lójúmọ́ tó ti ẹyin 8 sí 10. N kò ní kó jẹ ẹyin mẹ́jọ o. Mo kàn fi ẹyin ṣe òṣùwọ̀n ni, kí ìṣirò náà lè rọrùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò oúnjẹ inú ìwé náà. Ní àárọ̀, ìyá á jẹ ẹyin kan, á sì mu ife ògì kan tí a po mílíìkì oníyẹ̀fun ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sí. Mílíìkì yẹn tó ẹyin kan, ó di méjì. Ní agogo 10, mọ́ínmọ́ín kékeré kan, ó di mẹ́ta. Ní ọ̀sán, àmàlà ìgbákọ kan pẹ̀lú ẹja tí kò léegun, tó wọn gíráàmù 60 lẹ́yìn tí a sè é. Ẹja náà tó ẹyin méjì, ó di márùn-ún. Ní agogo 4, mílíìkì ife kan, ó di mẹ́fà. Ní alẹ́, ìrẹsì díẹ̀ pẹ̀lú irú ẹja yẹn, ó di mẹ́jọ. Gbẹ̀gìrì, ìrẹsì àti àmàlà náà ní puróténì díẹ̀ tí yóò fi kún un.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣì ìwé náà kà, kí ni ìyá rí jẹ? Ìdajì ẹyin ní àárọ̀, ẹja tó tó ẹyin kan ní ọ̀sán, òmíràn ní alẹ́. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyin méjì àbọ̀. Abọ́ tó ṣófo tàn wá jẹ.

Ìdí nìyí tí abọ́ nìkan kò fi tó wò. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ kí aláìsàn tó jẹun, kí ẹ sì tún wo ohun tó kù. Kí a máa gbé aláìsàn sórí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àkókò kan náà, pẹ̀lú irú aṣọ kan náà. Bí ẹni kílò 50 bá fi kílò 2 àbọ̀ dín láàárín oṣù kan, ọ̀rọ̀ náà ti di ti dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá wú, omi lè mú kí ìwọ̀n lọ sókè nígbà tí ẹran ara ń dín lọ. Bí ó bá sì ń wúkọ́ nígbàkígbà tó bá ń jẹun tàbí tó ń mu nǹkan, ẹ dúró, ẹ pe nọ́ọ̀sì, nítorí oúnjẹ lè máa gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìwé náà kì í ṣe àsọdà. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn lè ní ìwọ̀n puróténì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí kò jẹun rárá fún ọjọ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó léwu láti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ gidigidi lójijì. Dókítà ni yóò sọ bí a ó ṣe máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé oúnjẹ láti ilé wá, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí onímọ̀ oúnjẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó lọ sí ilé ìdáná fúnra rẹ̀. Wọ́n yọ ìwé náà nínú àpò, òun àti màmá olórí alásè sì jọ kà á dé òpin. Màmá ní, "Ọmọ mi, ẹja ni ò bá kọ́kọ́ dárúkọ." Òótọ́ ni. Wọ́n tún ìwé náà kọ, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ. Báyìí ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá rí: "Ẹja àti ẹyin arúgbó, ẹ má dín in. Àmàlà nìkan ni kí ẹ dín." Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá ṣì wọn kílò 49. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wọn kílò 49 àbọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì wú.