Ọmọ tó ń sá fún ìwé: Bí ẹ ṣe lè yan ìwé tí ọmọ tó ní dísílẹ́síà máa lè kà parí

Ọmọ kan lè mọ àlọ́ pa dáadáa, kó mọ ìṣirò orí, síbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ máa já nígbàkigbà tí tíṣà bá ní kí wọ́n ka ìwé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ní ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dísílẹ́síà.

Dísílẹ́síà kì í ṣe àìlọ́gbọ́n, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ibi tí ìṣòro náà wà fún ọ̀pọ̀ wọn ni bí ọpọlọ ṣe ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró. Ọ̀rọ̀ tí ojúgbà rẹ̀ kàn wò tó sì mọ̀, òun á máa tú u díẹ̀díẹ̀. Kó tó dé òpin gbólóhùn, ó ti gbàgbé ohun tó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Tí èyí bá ti ń ṣẹlẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé olódo ni òun. Á máa fi ìwé pamọ́, á ní orí ń fọ́ òun. Bí kò ṣe kàwé, kíkà rẹ̀ ò ní tẹ̀ síwájú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa fi í sílẹ̀. Irú ìwé tí ẹ bá gbé lé e lọ́wọ́ lásìkò yìí wà lára ohun tó lè dá ìyẹn dúró.

Kí ni àǹfààní orí ìwé tó kúrú?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ọmọ ọdún 10 kan ń ka ọ̀rọ̀ 50 ní ìṣẹ́jú kan. Bí orí kan nínú ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà bá ní ọ̀rọ̀ 3,000, wákàtí kan gbáko ló máa gbà á. Kò sí alẹ́ ọjọ́ ilé ìwé tó máa lè kà á tán. Ojoojúmọ́ ló máa pa ìwé dé láàárín ọ̀nà.

Àmọ́ tí orí kan bá ní ọ̀rọ̀ 500, ìṣẹ́jú 10 ti tó. Láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, ó ti ka orí márùn-ún tán, ó sì lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíkà parí yìí gan-an ni ọmọ tó ti sọ ìgboyà nù kò rí rí.

Ilé iṣẹ́ Barrington Stoke, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Edinburgh lórílẹ̀-èdè Scotland lọ́dún 1998, máa ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí méjì ni wọ́n máa ń rò mọ́ ìwé kan: ọjọ́ orí tí ìtàn náà bá mu, àti bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe le tó. Ìtàn tí ọmọ ọdún 12 máa gbádùn lè wà nínú ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún 8 lè kà.

Ẹ má fojú kéré ìyàtọ̀ yìí. Tí ẹ bá fún ọmọ ọdún 11 ní ìwé alábídí àbúrò rẹ̀ nítorí pé òun ló lè kà, ìtìjú lẹ fi kún ìṣòro rẹ̀.

Kí lẹ máa wò lójú ewé?

Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ dísílẹ́síà ní Britain dámọ̀ràn pé kí lẹ́tà tóbi tó 12 sí 14, kó jẹ́ irú èyí tí kò ní ìrù, bíi Arial tàbí Verdana. Àlàfo tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì gbọ́dọ̀ fẹ̀, nǹkan bí ìlọ́po 1.5. Ó dáa kí ìwé ní àwọ̀ mìlíìkì ju kó funfun báláú lọ.

Kí ọwọ́ òsì ìlà gún, kí ọwọ́ ọ̀tún má gún. Tí wọ́n bá fa ìlà kó lè gún níhà méjèèjì, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ ò ní dọ́gba mọ́, ojú ọmọ á sì máa ṣìnà.

Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2012 fi hàn pé nígbà tí wọ́n fẹ àlàfo àárín lẹ́tà, àwọn ọmọ Italy àti France tó ní dísílẹ́síà kàwé yá sí i, àṣìṣe wọn sì dín kù.

Fún ìwé Yorùbá, àlàfo yìí tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ìlà bá há, àmì ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀ á fẹ́ẹ̀ kan àmì ìsàlẹ̀ tó wà nínú ìlà òkè. Tí ẹ bá sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ ti bo àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ mọ́lẹ̀. Ọmọ tó ń tiraka láti fi ìyàtọ̀ sáàárín "oko" àti "ọkọ" kò lè rí ohun tó máa fi dá wọn mọ̀ mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan hàn, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ dúdú kirikiri.

Bí ẹ ṣe lè ṣe é nílé

Lórí ìkànnì African Storybook, ẹ máa rí ìtàn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá náà wà níbẹ̀. Wọ́n pín àwọn ìtàn náà sí ìpele, wọ́n sì gbà kí èèyàn tẹ̀ wọ́n jáde. Tí ojú ewé kan bá há jù, ẹ tún ìtàn náà tẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà 14, kí ẹ fẹ ìlà rẹ̀, kí ẹ sì pín in sí apá tí ọmọ lè kà tán ní ìṣẹ́jú 10.

Ojú ewé kan ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ jáde wò. Irú lẹ́tà mìíràn máa ń gbé àmì ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ tàbí ọ̀ dípò orí rẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ irú lẹ́tà náà.

Kí ẹ tó ra ìwé, ẹ ní kí ọmọ ka ojú ewé kan fún yín, níbi tí ẹlòmíì ò ti ní gbọ́. Ẹ ká ìka kan fún gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá mú un dúró. Tí ìka márùn-ún bá pé kó tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ìwé náà ṣì le jù fún un. Tó bá wù ú, ẹ̀yin ni kí ẹ máa kà á fún un, kí ẹ wá òmíràn tó máa fúnra rẹ̀ kà.

Ibi tí agbára ìwé mọ

Ìwé tó rọ ojú lọ́rùn kì í kọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà. Ó ṣì nílò ẹni tó máa kọ́ ọ ní ìró kọ̀ọ̀kan létòlétò àti bí wọ́n ṣe ń so wọ́n pọ̀. Ó tún yẹ kí ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò, nítorí àìríran dáadáa tàbí àìgbọ́ran dáadáa lè fara jọ dísílẹ́síà.

Àwọn kan máa ń polówó lẹ́tà àkànṣe bíi OpenDyslexic, ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ kò fi hàn pé ó ń mú kíkà yá. Tí ọmọ bá fẹ́ràn rẹ̀, kò burú, àmọ́ ẹ má ná owó gọbọi lé e lórí.

Ẹ máa mọ̀ pé ìwé kan ò bá ọmọ mu tó bá ń wo àwòrán láti fi méfò ọ̀rọ̀, tàbí tó kà á tán àmọ́ tí kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tó ṣì wà ní orí kejì, ẹ jẹ́ kó fi í sílẹ̀ láìbá a wí.

Tó bá sì parí ọ̀kan, ẹ má sáré lọ ra èyí tó nípọn jù ú lọ. Ẹ wá ìwé mìíràn tí òǹkọ̀wé yẹn kọ nípa àwọn ènìyàn inú ìtàn kan náà. Orúkọ wọn àti ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ní ṣàjèèjì sí i mọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì pẹ̀lú ohun tó ti mọ̀.