Ọwọ́ Wo Ni Kí Ó Di Èwo Mú?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni a ní lónìí, ṣùgbọ́n láti ilé ìwẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ wà ní ilé kan ní Ẹ̀pẹ́, tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé nínú páìpù kan. Ìgbóná ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n 60, ti èkejì jẹ́ 28. Ẹ ṣí ti gbígbóná kí ó máa mú lítà 3 wá ní ìṣẹ́jú kan, kí ti tútù máa mú 9 wá. Lítà 12 ni ẹ ó rí, ìgbóná rẹ̀ yóò sì jẹ́ 36, èyí tí ó tẹ́ni lára láti wẹ̀. Ẹ wá fi ènìyàn méjì síbẹ̀: kí ọ̀kan máa ṣọ́ iye omi, kí èkejì máa ṣọ́ ìgbóná. Ta ni kí ó di táàpù gbígbóná mú, ta ni kí ó di ti tútù mú?

Ìṣòro rẹ̀ ni pé táàpù kọ̀ọ̀kan ń yí nǹkan méjèèjì padà. Bí a bá pín wọn sódì, ohun tí ẹni kìíní ń tún ṣe ni èkejì yóò máa bà jẹ́. Omi yóò máa gbóná janjan, yóò tún máa tutù, kò sì ní fìdí múlẹ̀.

Ní ọdún 1966, Ọ̀gbẹ́ni Edgar Bristol tẹ ọ̀nà kan jáde tí a fi ń yanjú irú ọ̀ràn yìí. Ó ní kí a wọn agbára táàpù kan lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹnìkejì má fọwọ́ kan tirẹ̀. Ẹ fi lítà 1 kún omi tútù: iye omi lé ní lítà 1. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹnìkejì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, kí ìgbóná má kúrò ní 36. Bí omi tútù ti fi 1 lé sí i, ti gbígbóná gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́ta lítà lé sí i. Àpapọ̀ jẹ́ lítà 1 àti ìdá mẹ́ta. Ẹ fi èyí pín ti àkọ́kọ́, ẹ ó rí 0.75. Èyí ni ipa àfiwé omi tútù lórí iye omi. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti gbígbóná, 0.25 ni ẹ ó rí. Tábìlì náà nìyí:

Omi tútù: iye omi 0.75, ìgbóná 0.25.
Omi gbígbóná: iye omi 0.25, ìgbóná 0.75.

Gbogbo ìlà, ní ìbú àti ní òró, ni àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1. Ibi tí ó bá súnmọ́ 1 jù ni kí a so pọ̀, nítorí níbẹ̀ ni ẹnìkejì kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ẹni kìíní lọ́wọ́. Nítorí náà, kí aṣọ́-iye di táàpù tútù mú, kí aṣọ́-ìgbóná di ti gbígbóná mú. Bí ẹ bá rí iye tí ó kéré ju òdo lọ, ẹ sá fún un: ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọwọ́ tí ń tún nǹkan ṣe yóò di ọwọ́ tí ń bà á jẹ́ bí ẹnìkejì bá jáwọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ tábìlì yìí sára ògiri títí ayé. Bí omi gbígbóná bá rọlẹ̀ sí 40, lítà 8 rẹ̀ àti lítà 4 tútù ni yóò fúnni ní 36. Ipa omi gbígbóná lórí iye omi yóò wá di nǹkan bí 0.67, àwọn ènìyàn méjèèjì yóò sì ní láti pààrọ̀ ipò.

Tábìlì náà kò tún mọ ohun tí a ń pè ní ìyára. Ẹ wo ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ẹ̀gbìn, ní ìhà Ìkòròdú, létí ọ̀sà, tí a ṣí ní 1985, tí ó ní ẹ̀rọ 6, mẹ́gáwáàtì 220 lọ́kọ̀ọ̀kan. Gáàsì ni ó ń sè omi nínú bọ́ílà, ooru omi náà ni ó sì ń yí tọ́báìnì. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, fáàfù gáàsì àti fáàfù ooru ni ọwọ́ méjèèjì. Iye iná àti agbára tí ooru fi ń tì nínú bọ́ílà ni ohun tí a ń ṣọ́. Bí a bá ṣí fáàfù ooru láì fi gáàsì kún un, iná yóò pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò sì padà sí ibi tí gáàsì lè gbé e dé. Nítorí náà ipa rẹ̀ lórí iye iná jẹ́ 0, ti gáàsì sì jẹ́ 1.

Tábìlì ní kí gáàsì máa ṣọ́ iná. Ṣùgbọ́n bọ́ílà lọ́ra, fáàfù ooru sì yára, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní ayé ni ó ń fi fáàfù ooru ṣọ́ iná, tí gáàsì sì ń ṣọ́ agbára ooru. Èyí dára níwọ̀n ìgbà tí aṣọ́-ooru bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá jáwọ́, fáàfù ooru yóò máa ṣí sí i lásán, agbára ooru yóò sì máa lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì méjèèjì yìí pọ̀, ẹ má ṣe dá fáàfù lẹ́bi. Ẹ lọ wo ẹni tí ó yẹ kí ó wà nídìí gáàsì.