Púláànù Ojú-Ewé Tó Ń Mú Oníbàárà Dé Ìdí Bílì

“Èló ni?” Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni oníṣẹ́ sólà ń bá lórí fóònù rẹ̀ láràárọ̀. Kò sì lè dáhùn. Ṣé fáànù kan àti gílóòbù mẹ́ta lẹni náà fẹ́ máa lò ni, àbí fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù? Bó bá dá iye tó ga, oníbàárà á sá lọ. Bó bá dá iye tó kéré, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fowó kún un.

Ojú-ewé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń fa èyí: fọ́tò kan, ọ̀rọ̀ ìpolówó díẹ̀, nọ́ńbà fóònù, ó parí. Kò sí ohun tó mú àlejò dúró láti sọ ohun tó ń fẹ́.

Bébà àti pẹ́ńsù la fi ń tún un ṣe. Àwọn tó ń kọ́ wẹ́bùsáìtì ń pè é ní wáyáfíréèmù, ìyẹn púláànù tá a ń yà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ya àpótí gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi fóònù, torí orí fóònù ni oníbàárà rẹ yóò ti rí i. Àpótí tá a fa ìlà méjì kọjá ara wọn nínú rẹ̀ dúró fún fọ́tò, ìlà wíwọ́ dúró fún ọ̀rọ̀, àpótí kékeré tá a kọ nǹkan sí nínú sì ni bọ́tìnnì. Má kùn ún lọ́dà o. Bí ọ̀dà bá ti wọ̀ ọ́, àríyànjiyàn ọ̀dà ni yóò kù, ẹnikẹ́ni ò ní wo ohun tó yẹ kó ṣáájú mọ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan, kọ ìbéèrè tí yóò wà lọ́kàn àlejò bó bá dé ibẹ̀. Ká ní Ìbàdàn ni oníṣẹ́ sólà wa wà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, “Ṣé ibi tí mò ń wá nìyí?” Torí náà, òkè pátápátá la ó kọ ọ́ sí: “A ń ṣe sólà sílé gbígbé n'Íbàdàn,” pẹ̀lú bọ́tìnnì “Béèrè bílì” lábẹ́ rẹ̀. Èkejì ni, “Ṣé ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí?” Fọ́tò iṣẹ́ tó ṣe fúnra rẹ̀ ló yẹ níbẹ̀, pẹ̀lú àlàyé irú ilé tó jẹ́ àti ohun tí iná náà ń gbé. Ẹ̀kẹta ni owó. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń fi í pa mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀ á kàn tún béèrè “Èló ni?” ni. Ya ìpele mẹ́ta, kí o kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó lè gbé. Ẹ̀kẹrin ni, “Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kí ló kàn?” Sọ ẹni tí yóò pè é, ìgbà tí yóò pè, àti pé ó dìgbà tí o bá wo ilé kí bílì tó fìdí múlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni fọ́ọ̀mù. Má fi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Béèrè ohun tó fẹ́ máa lò àti iye wákàtí, torí ohun tó gbé e wá nìyẹn; orúkọ, àdúgbò àti nọ́ńbà lè kẹ́yìn. Ìbéèrè tí kò bá wọ inú ìṣirò tàbí ìpè, yọ ọ́ kúrò.

Wo ìṣirò náà: fíríìjì kan tó ń jẹ 150 wáàtì, tẹlifíṣọ̀n 100, fáànù mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 60, gílóòbù mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 570 wáàtì. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 lóru, ó di 3,420 wáàtì-wákàtí. Bátìrì tí yóò gbé e gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí a kì í lo bátìrì gbẹ. Fíríìjì kì í fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́, ó sì máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ń ta. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wo ilé kí bílì tó dúró. Àmọ́ ó ti ní ohun tó lè fi dáhùn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí nọ́ńbà fóònù, kọ èyí fún ẹni tí yóò kọ́ ojú-ewé náà, kó lè jẹ́ pé bọ́tìnnì nọ́ńbà ni yóò jáde fún àlejò láti tẹ̀ lórí fóònù:

```
<input type="tel">
```

Wàyí o, gbé bébà náà fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ rẹ. Sọ fún un pé, “Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ fẹ́ fi sólà sílé. Ẹ fi ìka tẹ ibi tí ẹ ó tẹ̀.” Pa ẹnu mọ́, kí o máa wo ìka rẹ̀. Bó bá dé fọ́ọ̀mù tó tún padà sókè, nǹkan kan wà tó ń wá tí kò rí. Ó lè sọ pé, “Ilé tí mo háyà ni mò ń gbé. Tí mo bá kó jáde ńkọ́?” Àpótí tó sọnù nìyẹn. Fi rọ́bà pa á rẹ́, kí o ya “Ẹ̀yin ayálégbé” sókè fọ́ọ̀mù, kí o ṣàlàyé ohun tó ṣeé tú kó lọ.

Bí púláànù náà bá gún, ohun tí oníṣẹ́ yóò máa bá lórí fóònù rẹ̀ á yí padà: “Fíríìjì kan, tẹlifíṣọ̀n kan, fáànù mẹ́rin, gílóòbù mẹ́jọ, wákàtí 6, Bódìjà, ayálégbé ni mí.” Ó lè jókòó ti èyí, kó sì kọ bílì.