KÁÀDÌ TÓ TẸ̀ FẸ́RẸ̀Ẹ́ SỌ BÍRÍKÌLÀ DI OLÈ! Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí òjò ń ṣe sí Wọ́ọ̀tì yín

Òjò oṣù kẹfà kì í ṣeré l'Ékòó. Aṣọ tí ẹ sá á gbẹ díẹ̀, á tún tutù. Iyọ̀ inú ìgò á máa sunkún. Ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ lórí tábìlì mọ́jú á rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Gbogbo èyí lojú ń rí. Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀rinrin ń bàjẹ́ tí ènìyàn kì í kọbi ara sí, àfi ọjọ́ tó bá dìjà. Ohun náà ni káàdì Wọ́ọ̀tì.

Ẹ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò máa ń péjọ síbẹ̀ láti ta Wọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá pàdánù ni yóò ra mínírà tútù fún àwọn tó kù. Bíríkìlà kan wà láàárín wọn tó jẹ fún odindi ọjọ́ mẹ́rin léra wọn. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, káfíńtà tó jókòó kọjú sí i kò wo káàdì ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́, ojú bíríkìlà ló ń wò. Ló bá rí i pé ẹ̀yìn káàdì àwọn ẹlòmíì ni ọkùnrin náà ń fojú ṣọ́.

"O ti sàmì sí káàdì yìí! Olè ni ẹ́!" Bí káfíńtà ṣe figbe ta nìyẹn. Bíríkìlà náà fò dìde, ó ní kí wọ́n tú àpò òun wò, ó ní bàbá òun kò jalè rí. Ẹnu kò ì tíì kúrò lọ́rọ̀ tí wọ́n ti fa ara wọn lẹ́wù. Ìyá onírẹ́sì tó wà lódìkejì títì ló sáré wọlé. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra o. Ẹ kó káàdì náà sórí tábìlì kí gbogbo ojú rí i."

Wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdojúdé. Kò sí yíǹkì, kò sí àpá èékánná. Ṣùgbọ́n etí káàdì márùn-ún gbé sókè bí etí àwo. Wọ́n ṣí wọn lójú, àfi Wọ́ọ̀tì, Wọ́ọ̀tì, Wọ́ọ̀tì! Gbogbo márùn-ún ló jẹ́ oní-20.

Ẹni tó bá mọ ayò yìí á mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Káàdì 54 ló wà nínú páálí Wọ́ọ̀tì, márùn-ún péré ló jẹ́ 20. Ẹni tó bá já a sílẹ̀ lè pe irú káàdì tó bá wù ú, òun ló fi jẹ́ ọba gbogbo wọn. Tí ènìyàn bá ti lè mọ̀ ọ́n láti ẹ̀yìn, á mọ ẹni tó mú un dání, á sì mọ ìgbà tó wà lókè èyí tí wọ́n fẹ́ fà. Kì í ṣe ayò mọ́ nìyẹn. Bíríkìlà kò sàmì sí ohunkóhun. Ó kàn rí ohun tó wà nílẹ̀ ni, ó sì panu mọ́. Ọ̀rinrin ló sàmì.

BÍ ỌMỌ IṢẸ́ ṢE Ń TÒ Ó

Àṣé ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ló ń kó káàdì náà jọ lálaalẹ́. Kí oní-20 má bàa sọnù, á ka márùn-ún wọn lọ́tọ̀, á gbé wọn lé orí àwọn tó kù, á ṣí wọn lójú, á wá gbé gbogbo rẹ̀ sójú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Páálí rẹ̀ ti ya tipẹ́, wọ́n ti fi dáná. Inú rere ni ọmọ náà fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n òun ló kó bá bíríkìlà.

Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ yé, nítorí ó mọ pákó. Ẹ tẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ilẹ̀ tútù, ẹ̀gbẹ́ tó kan ilẹ̀ á mu omi, á wú, ẹ̀gbẹ́ òkè kò ní wú. Pákó náà á tẹ̀. Igi ni wọ́n fi ń ṣe pépà, nítorí náà ìwà kan náà ni wọ́n ń hù. Káàdì onípépà tó dára jẹ́ pépà méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, gọ́ọ̀mù dúdú sì máa ń wà láàárín wọn kí ìmọ́lẹ̀ má bàa là á kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi fáníìṣì kun ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Fáníìṣì yìí ń dá omi dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró títí láé. Etí káàdì tí wọ́n gé kò tiẹ̀ ní fáníìṣì kankan.

Èyí tó wà lókè, tó sì ṣí sí afẹ́fẹ́ òjò, ojú rẹ̀ nìkan ló ń mu ọ̀rinrin. Ojú náà á wú, ẹ̀yìn á wà bó ṣe wà, káàdì á sì ká sí ìhà ẹ̀yìn tó gbẹ. Ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ fi ń gbé sókè tí wọ́n bá dà á dé. Àwọn tó wà láàárín kò rí afẹ́fẹ́ tó, wọ́n dúró gbọnrangandan. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kejìlá, òdìkejì ló máa ń ṣẹlẹ̀: ojú tó ṣí sí afẹ́fẹ́ á gbẹ, á súnkì, káàdì á sì ká sí ìhà ojú yẹn. Ẹ rí i pé omi nìkan kọ́ ni ọ̀tá káàdì. Kí ẹ̀gbẹ́ kan mu ju èkejì lọ ni ọ̀tá rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE TÚN UN ṢE

Télọ̀ ti fẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù lé àwọn káàdì náà, wọ́n ní kó má dán an wò. Ooru áyọ́ọ̀nù á yọ́ fáníìṣì, káàdì á lẹ̀ mọ́ra, ojú rẹ̀ á sì hun jọ. Oòrùn gangan náà kò dára, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan ló máa gbẹ.

Káfíńtà ló rí ọgbọ́n rẹ̀ dá. Ó kọ́kọ́ tẹ́ káàdì gbogbo sínú yàrá tó gbẹ, níbi tí oòrùn kò dé, fún wákàtí bíi mẹ́ta, kí ọ̀rinrin lè jáde lójú àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó to 54 jọ, ó gbá etí wọn mọ́ tábìlì títí kò fi sí èyí tó yọ síta. Ó gé puláìwúùdù méjì tó fẹ̀ ju káàdì lọ díẹ̀, ó fi káàdì sáàárín, ó wá fi rọ́bà tíúbù táyà méjì dè é lókè àti nísàlẹ̀. Kò fún un pa, nítorí èyí tó bá fún jù á fi àpá sára káàdì. Ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n tú u, mẹ́ta nínú márùn-ún ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Méjì yòókù kò gbọ́ oògùn. Etí wọn ti là, pépà méjèèjì ti ń ṣí kúrò lára gọ́ọ̀mù. Ibi tí àtúnṣe mọ nìyẹn. Káàdì tó bá ti là létí, tó wú, tàbí tó bu, kò sí ẹrù tí ẹ lè gbé lé e tó máa padà bọ̀ sípò. Ẹ má sì yá 20 láti inú páálí mìíràn, torí ẹ̀yìn tuntun àti ẹ̀yìn àtijọ́ kò ní jọra láéláé. Ẹ̀ ń dá ìjà mìíràn sílẹ̀ nìyẹn.

ṢÉ KÍ A RA ONÍKE NI?

Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń fọgbọ́n gbówó lọ́wọ́ ènìyàn. Bí ẹ bá rí i lára páálí pé "pulasítíìkì kótẹ́ẹ̀dì", káàdì onípépà ni o! Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n fi ike fẹ́ẹ́rẹ́ kun orí pépà. Oníke gidi ni èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó jẹ́ ike 100 nínú 100. Ilé iṣẹ́ Kópágì ní Bùràsíìlì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ fún irú èyí. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi ni wọ́n ń lò.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ wo etí káàdì kan dáadáa. Onípépà máa ń ní ìlà dúdú tàbí aláwọ̀ eérú láàárín, oníke jẹ́ àwọ̀ kan náà látòkè délẹ̀. Bí káàdì tí ẹ kì í lò bá wà níbẹ̀, ẹ kán omi kan sí etí rẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Onípépà á dúdú, á sì wú. Oníke kò ní ṣe bí ẹni pé omi kàn án.

Oníke wọ́n ju onípépà lọ ní ìlọ́po mélòó kan, ṣùgbọ́n ó yẹ ibi tí wọ́n ti ń jẹ àkàrà, tí òógùn sì ń kán. Ó ṣeé fọ̀: aṣọ rírọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí tínnà nù ún, àwòrán orí rẹ̀ á ṣí. Ọ̀tá tirẹ̀ ni iná. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ síwájú gíláàsì mọ́tò nínú oòrùn, tàbí lẹ́bàá áyọ́ọ̀nù, á bá a ní kíká. Bí wọ́n bá sì ṣẹ́ ẹ po, ìlà funfun á jókòó síbẹ̀, kì í lọ mọ́. Ẹni tó ń ta ayò nílé gbígbẹ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, onípépà tó o.

IBI TÓ YẸ KÍ KÁÀDÌ MÁA SÙN

Lẹ́yìn ayò, ẹ nu ọwọ́, ẹ to káàdì sójú kan náà, ẹ gbá etí wọn pọ̀, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sínú páálí. Ẹ gbé páálí sínú agolo bísíkíìtì tó ní ìdérí tó fún. Àpò kékeré tó ní hóró wíníwíní nínú, tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà, ẹ bi oníbàtà léèrè, kó fún yín ní èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ẹ fi méjì sínú agolo náà. Èyí tó ti wà lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan ti mu omi yó, kò wúlò mọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù nígbà òjò, kí ọwọ́ àwọn ọmọdé má sì dé e. Ẹ má fi iyọ̀ dípò rẹ̀, iyọ̀ á fa omi, á sì yọ́ sórí káàdì yín. Agolo náà kò gbọdọ̀ wà lójú fèrèsé, lórí sìmẹ́ǹtì, tàbí nítòsí ìkòkò omi. Orí pẹpẹ ni kó wà, kó jìnnà sí ògiri tó ń rin.

Kí ayò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ ka 54 pé, ẹ da gbogbo rẹ̀ dé sórí tábìlì títẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá orí tábìlì dọ́gba. Èyíkéyìí tí etí rẹ̀ bá gbé sókè, ẹ yọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn kí ẹ tó pín. Ẹ lọ dè é mọ́ puláìwúùdù, kí ó tó pe ẹnì kan lólè.