Lẹ́tà Tí Yóò Wọlé Láìsí Ẹni Tó Kọ Ọ́

Ẹni tó bá jẹ báńkì kékeré ní gbèsè sábà máa ń rò pé òṣìṣẹ́ tó ń wá gbowó ní ṣọ́ọ̀bù lòun ń kọ lẹ́tà sí. Ó mọ̀ ọ́n lójú, ó ti fún un lómi mu, wọ́n ti jọ ṣàwàdà. Ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ará ilé. Òṣìṣẹ́ yẹn kò sì lágbára láti yí ètò ìsanwó padà. Ńṣe ni yóò gbé lẹ́tà náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó, àwọn tí kò dé ṣọ́ọ̀bù náà rí. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ mọ̀: kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀, èló lonígbèsè yìí lè san báyìí? Bí lẹ́tà kò bá dáhùn, òṣìṣẹ́ náà kò ní ohun tí yóò fi gbèjà oníbàárà rẹ̀, bó ti wù kó fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká fi oníbúrẹ́dì kan ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo ṣètò iye owó inú ìtàn rẹ̀ kó lè rọrùn láti tẹ̀lé, ṣùgbọ́n irú lẹ́tà rẹ̀ ló pọ̀ jù lóde. Ó yá ₦3,000,000 láti fi ra ààrò ńlá, oṣù 15 ni wọ́n sì fún un láti san án. Lóṣooṣù, yóò san ₦200,000 nínú ojú owó, yóò sì san èlé ₦90,000, ìyẹn náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún náírà tó kọ́kọ́ yá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦290,000. Ó san oṣù mẹ́fà láìyẹ̀. Oṣù keje ló há a lọ́rùn, ọjọ́ 12 sì ti kọjá lórí ọjọ́ ìsanwó kó tó wá ẹni tí yóò bá a wo lẹ́tà rẹ̀. Ohun tó kọ nìyí:

“Tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi kọ ìwé yìí sí ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ ṣàánú mi nítorí Ọlọ́run. Ìlú le, dọ́là ti gbówó lórí, kò sí iná, àwọn oníbàárà kò sanwó, ọkọ mi ń ṣàìsàn, àwọn ọmọ sì wà nílé ìwé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sún owó náà síwájú títí nǹkan yóò fi ṣẹnuure.”

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta aṣọ lè fọwọ́ sí i, ẹni tó ń sin adìyẹ náà lè fọwọ́ sí i, kò sì sí gbólóhùn kan tó yẹ kó yí padà. Lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń fi tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn míì lára àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ sì ti tọ́jú ọ̀kan pamọ́ tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ọ̀rọ̀ ńláńlá máa ń kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Iye owó ni kì í sí níbẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ tún lẹ́tà yìí ṣe kò bẹ̀rẹ̀ lórí gírámà. Ìbéèrè ló yẹ kó kọ́kọ́ bi. “Màmá, ẹ ní kò sí iná. Ìgbà wo ló lọ?” Ó dáhùn pé tiransífọ́mà àdúgbò ló jóná, oṣù mẹ́ta gbáko lòun fi dísù ṣiṣẹ́ kí ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun má baà dúró. “Ṣé wọn ò tíì tún un ṣe ni?” “Wọ́n ti tún un ṣe. Ó ti lé lóṣù kan.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ìyẹn fún wọn, ṣé wọ́n á ṣì ṣàánú mi?”

Ibẹ̀ gan-an ni lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ti máa ń ṣàkóbá fún ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó ń wá àánú a máa fi ìròyìn ayọ̀ pamọ́, bẹ́ẹ̀ ìròyìn yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ ń wá. Báńkì kì í tún ẹ̀yáwó tò fún ẹni tó ń rì lọ. Ẹni tó kọsẹ̀ tó sì ti ń dìde ni wọ́n ń tún un tò fún, nítorí pé níbẹ̀ ni owó wọn ti lè padà wá. Iná tó padà dé ló yẹ kó ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

A wá yẹ àwọn ìdí rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ dọ́là kò nílò ju ìlà kan lọ. Ìgbìmọ̀ mọ̀ pé òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa ti ń wá, wọ́n sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà láti oṣù kẹfà 2023. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ohun tí obìnrin yìí ṣe sí i: ó dín búrẹ́dì ńlá kù, ó ń ṣe kékeré tó ń yá lọ́jà, ó sì ti dẹ́kun àwìn. “Àwọn oníbàárà kò sanwó” wá di ilé ìwé kan ṣoṣo tó jẹ ẹ́ ní ₦360,000, ìwé sì wà tí ilé ìwé náà fi gbà pé àwọn jẹ ẹ́. Àìsàn ọkọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun ni, ṣùgbọ́n bí owó iṣẹ́ kò bá bá a lọ, kí a yọ ọ́. Bó bá bá a lọ, kí a kọ iye rẹ̀ àti oṣù tó jẹ́. Níbi tí a wà yìí, àwọn ọmọ bàbá náà ló san owó ilé ìwòsàn, nítorí náà ó kúrò nínú lẹ́tà.

Ó ku ìṣirò, òun ló sì gba àkókò jù. Kí tiransífọ́mà tó jóná, bó bá ti san owó fúláwà, òṣìṣẹ́, iná àti ọkọ̀ tán, ₦400,000 ló máa ń kù sí i lọ́wọ́ lóṣù. Ní oṣù mẹ́ta dísù, ó já sí ₦150,000. Ó ta fìríìsà, ó sì jẹ nínú ìpamọ́ rẹ̀ kó lè san ₦290,000 báńkì. (Ìyẹn náà kò sí nínú lẹ́tà àkọ́kọ́! Ẹni tó ta dúkìá kó má baà jẹ gbèsè, tó sì gbàgbé láti sọ ọ́.) Ní báyìí tí iná ti dé, tí fúláwà ṣì wọ́n, ₦190,000 ló ń kù.

Ojú owó tó ṣẹ́kù jẹ́ ₦1,800,000. Bí a bá pín in sí oṣù 18, ₦100,000 lóṣù nìyẹn. Ibi tí ojú gbọ́dọ̀ là sí ni èlé. Bí báńkì bá ń bá a lọ láti gba ₦90,000 èlé, lórí mílíọ̀nù mẹ́ta tó kọ́kọ́ yá, àpapọ̀ yóò di ₦190,000, ìyẹn gbogbo ohun tó ń kù sí obìnrin náà lọ́wọ́. Bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ kan bá já, ó tún di onígbèsè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣírò èlé lórí ₦1,800,000 tó kù, náírà mẹ́ta náà lórí ọgọ́rùn-ún, ₦54,000 ni. Àpapọ̀ ìsanwó jẹ́ ₦154,000, ₦36,000 sì kù fún ọ̀ràn àìròtẹ́lẹ̀. Gbólóhùn kékeré náà, “lórí ojú owó tó ṣẹ́kù,” gbọ́dọ̀ hàn gbangba nínú lẹ́tà. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò dájú pé ẹnikẹ́ni yóò rántí rẹ̀ fún un.

Kí ni báńkì yóò jẹ níbẹ̀? Nínú ètò àtijọ́, èlé oṣù mẹ́sàn-án tó kù jẹ́ ₦810,000. Nínú ètò tuntun, obìnrin náà yóò san èlé oṣù keje, ₦90,000, lọ́jọ́ tó bá gbé lẹ́tà dé. Oṣù 18 tó tẹ̀ lé e yóò mú ₦972,000 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,062,000. Ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ₦252,000. Ó yẹ kí onígbèsè mọ̀ pé owó ìmí tó fẹ́ mí nìyẹn, kò sì kéré. Ó sì yẹ kí lẹ́tà sọ ọ́, nítorí ohun ni òṣìṣẹ́ tó ń gbèjà rẹ̀ yóò kọ́kọ́ nà sí ìgbìmọ̀.

Ó fẹ́ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kó sinmi oṣù mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀. Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ẹni tí ìwé rẹ̀ fi hàn pé ₦190,000 ń kù sí i lọ́wọ́, tó wá ní òun kò lè san nǹkan kan, òun fúnra rẹ̀ ló ta ko ìwé rẹ̀. Bákan náà, a kò gbé ètò ka ₦360,000 ilé ìwé, nítorí owó tí kò tíì wọlé ni. A kàn ṣèlérí pé bó bá dé, ₦200,000 nínú rẹ̀ yóò lọ sórí ojú owó.

Lẹ́tà tuntun wá bẹ̀rẹ̀ báyìí, lẹ́yìn ìkíni ìlà kan:

“Mo ń béèrè pé kí ẹ tún ètò ìsanwó ẹ̀yáwó mi ṣe: kí ₦1,800,000 tó ṣẹ́kù di sísan fún oṣù 18, kí èlé sì jẹ́ lórí ojú owó tó ṣẹ́kù, ₦154,000 lóṣù. Mo san oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ pé. Tiransífọ́mà àdúgbò wa jóná, mo fi dísù ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, owó tó ń kù sí mi lọ́wọ́ sì já láti ₦400,000 sí ₦150,000. Mo ta fìríìsà mi kí n lè san gbèsè yín lákòókò náà. Iná ti padà dé, ₦190,000 ló sì ń kù báyìí. Mo mú èlé oṣù yìí, ₦90,000, wá pẹ̀lú ìwé yìí.”

Ohun tó bá wà nínú lẹ́tà gbọ́dọ̀ bá ìwé àkáǹtì mu. Púpọ̀ owó búrẹ́dì kì í dé báńkì, ó máa ń ti ọwọ́ oníbàárà bọ́ sọ́wọ́ onífúláwà. Nítorí náà, a da ìwé tó fi ń kọ ọjà tó ń tà lójoojúmọ́ kọ pẹ̀lú rísíìtì dísù, a sì fi wọ́n sẹ́yìn lẹ́tà. Bó bá jẹ ẹlòmíràn lówó, pàápàá àwọn tó ń yáni lórí fóònù, kó sọ ọ́. Báńkì lè fi nọ́ńbà BVN rẹ̀ wá a rí lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó, bí wọ́n bá sì ti rí èyí tó fi pamọ́, ìyókù di ìtàn. Onídùúró rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà. Lábẹ́ òfin, bí wọ́n bá yí àdéhùn padà láìsọ fún onídùúró, ó lè bọ́ lọ́rùn rẹ̀, báńkì kò sì ní fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 12 tó kọjá yẹn ṣì jẹ́ àǹfààní fún un. Lábẹ́ ìlànà Báńkì Àpapọ̀ fún àwọn báńkì maikirofáínáǹsì, bí gbèsè bá ti kọjá ọjọ́ 30, báńkì gbọ́dọ̀ ya ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sọ́tọ̀ bí owó tó lè sọnù. Bó bá kọjá ọjọ́ 60, ó di ìdá 50. Bó bá kọjá 90, gbogbo rẹ̀ ni. Ìgbìmọ̀ tó ti ya gbogbo owó náà sọ́tọ̀ kò ní fi ojú kan náà wo lẹ́tà.

Ó kàn ku kó mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí èyí tó máa mú bọ̀ wálé. Bí òṣìṣẹ́ bá wá sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pé “wọ́n ti gbà, ẹ máa san ₦154,000 lọ,” kó dúpẹ́, kó sì béèrè ìwé ètò tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí. Kí ìwé yẹn tó jáde, ₦290,000 ṣì ni kọ̀ǹpútà báńkì mọ̀, yóò sì máa ka ohun tó bá dín sí i gẹ́gẹ́ bí gbèsè.